Adìyẹ mélòó ni ẹ máa sìn, mélòó ni ẹ máa tà, kí owó yín tó jáde?

*Okun o, ẹ̀gbọ́n. Ìsánlú ni mo wà. Mo ní adìyẹ ẹlẹ́yin 400, ẹyin nìkan ni mo ń tà látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ fi adìyẹ ẹran kún un: kí n máa sin bírọ́ílà 100 ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, kí n pa á, kí n tú u, kí n kó o sí fíríìsà, kí n máa tà á ní kílò fún àwọn ilé oúnjẹ àti fún aráalé. Mo ti kọ gbogbo ohun tí mo máa rà àti iye wọn sínú ìwé tí mo fi ránṣẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, adìyẹ mélòó ni mo gbọ́dọ̀ tà kí owó mi tó jáde? Ẹnì kan ní kí n pín gbogbo ìnáwó mi sí iye tí mo máa ta adìyẹ kan. Ẹlòmíràn ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé iye tí màá sìn ni kí n wá.*

Àwọn méjèèjì tó bá yín sọ̀rọ̀ ló sọ òótọ́, àmọ́ ìbéèrè ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń dáhùn. Ọ̀kan ń béèrè pé, kí ọ̀wọ́ kan tó lè gbé ìnáwó ara rẹ̀, adìyẹ mélòó ló yẹ kó wà nínú rẹ̀? Èkejì ń béèrè pé, nígbà tí mo ti sin 100 tán, tí wọ́n ti jẹun, tí mo ti pa wọ́n, mélòó ni mo gbọ́dọ̀ tà kí owó tí mo kó sílẹ̀ tó padà sápò mi? Mo fi iye tí ẹ kọ ránṣẹ́ ṣe ìṣirò méjèèjì. Ìdáhùn ti àkọ́kọ́ jẹ́ 47. Ti èkejì jẹ́ 78. Ẹni tó bá gbọ́ 47, tó wá rò pé gbàrà tí òun bá ti ta 47, gbogbo ohun tó kù nínú fíríìsà ti di èrè, owó oúnjẹ ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ ló máa ná. Mo ti rí i tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń sin adìyẹ ẹran láàárín Kàbbà sí Mọ̀pà, wọn kì í sì í mọ ibi tí owó gbà lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí owó tó yẹ kó wọ inú ìṣirò, nítorí ibẹ̀ ni ìwé yín ti kọ́kọ́ yà kúrò lọ́nà. Ẹ kọ owó ilé adìyẹ sí i, ẹ kọ owó kànga, ẹ kọ odidi owó oṣù ọmọkùnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹlẹ́yin. Mo yọ gbogbo wọn kúrò. Ẹyin ti ń san owó wọ̀nyẹn, bí ẹ bá sì sin bírọ́ílà tàbí ẹ kò sìn ín, ẹ ó ṣáà san wọ́n. Ohun tí a ń wá ni owó tí kò ní sí rárá tí ẹ kò bá bẹ̀rẹ̀ ọjà tuntun yìí. Nítorí náà, 15,000 náírà tí ẹ máa fi kún owó ọmọkùnrin náà lóṣù wọ inú ìṣirò, ṣùgbọ́n owó tó ń gbà tẹ́lẹ̀ kò wọ ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ní apá kejì tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ohun tí ọjà tuntun bá gbà lọ́wọ́ ọjà àtijọ́, owó ni, bí ẹnikẹ́ni ò tilẹ̀ gba náírà kan lọ́wọ́ yín. Ẹ ní yàrá tí ẹ fẹ́ fi tọ́ àwọn ọmọ bírọ́ílà ṣófo. Tó bá ṣófo lóòótọ́, òfo ni kí ẹ kọ sí iwájú rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ yàrá tí ẹ máa ń fi tọ́ àwọn ọmọ tó máa rọ́pò ẹlẹ́yin tó ti gbó, a jẹ́ pé ẹ ó máa ra èyí tó ti dàgbà dípò kí ẹ tọ́ ọ fúnra yín, àlékún owó tí ẹ bá san lórí ìyẹn sì jẹ́ ìnáwó bírọ́ílà. Bákan náà ni àìsàn. Ọmọ adìyẹ tuntun tó ń wọlé ní gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá lè kó àrùn wọ ọgbà tí àwọn ẹlẹ́yin wà, bí ẹyin bá sì dín, owó tó dín náà ti ọwọ́ bírọ́ílà wá. Ẹ ya ilé wọn sọ́tọ̀, ẹ ya bàtà àti korobá wọn sọ́tọ̀, kí ọmọkùnrin náà sì má ṣe gba ilé bírọ́ílà dé ilé ẹlẹ́yin láìfọ ẹsẹ̀.

Ohun tó kù lẹ́yìn tí mo ti yọ ohun tó yẹ ní yíyọ pín sí ọ̀nà méjì. Ọ̀nà kan ni owó tó ń bá adìyẹ rìn, tó jẹ́ pé bí adìyẹ bá ṣe pọ̀ tó ni òun náà ń pọ̀: ọmọ adìyẹ fúnra rẹ̀, oúnjẹ, àjẹsára àti oògùn, owó ẹni tó máa pa á àti ọ̀rá tí a máa dì í sí. Ọ̀nà kejì ni owó ìdúró, tó jẹ́ pé bí ẹ bá sin 60 tàbí 100, ibi kan náà ló máa dúró sí. Èédú tí ẹ máa fi móoru fún ọmọ adìyẹ ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ wà lára rẹ̀, nítorí iná tó móoru fún 60 kì í fi bẹ́ẹ̀ kéré sí èyí tó móoru fún 100. Owó ọkọ̀ láti Ìlọrin náà wà lára rẹ̀, torí awakọ̀ kì í ka ọmọ adìyẹ inú páálí kó tó sọ iye tó máa gbà.

Fíríìsà àti irinṣẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ wò. Ẹ kọ 360,000 náírà fún fíríìsà, ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lé ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ lórí. Kò tọ́ bẹ́ẹ̀, torí fíríìsà náà kò ní kú lẹ́yìn ọ̀wọ́ kan. Tí a bá gbà pé ó máa lo ọdún mẹ́rin, 90,000 ni ti ọdún kan. Ọ̀sẹ̀ méje ni bírọ́ílà yín máa lò, ẹ ó sì nílò nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti pa wọ́n, láti kó ilẹ̀, láti fọ ilé, kí ilé sì gbẹ kí òmíràn tó wọlé. Ọ̀wọ́ márùn-ún nìyẹn lọ́dún. Fíríìsà wá ń ná ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní 18,000. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún abọ́ oúnjẹ, abọ́ omi, òṣùwọ̀n, ọ̀bẹ àti ìkòkò omi gbígbóná, tí gbogbo wọn jẹ́ 150,000 tí mo sì fún ní ọdún mẹ́ta: 10,000 fún ọ̀wọ́ kan. Epo jẹnẹrétọ̀ fún fíríìsà jẹ́ 1,500 lójúmọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́, mo sì fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí ẹran máa fi wà nínú rẹ̀, ó di 42,000. Èédú àti eruku pákó tí a ń tẹ́ sílẹ̀ jẹ́ 18,000. Owó ọkọ̀ ọmọ adìyẹ àti ti oúnjẹ jẹ́ 22,000. Àfikún owó ọmọkùnrin fún oṣù méjì jẹ́ 30,000. Ẹ ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó jẹ́ 140,000 náírà. Owó ìdúró ọ̀wọ́ kan nìyẹn.

Ó wá kan iye tí adìyẹ kan máa fi sílẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti san owó ara rẹ̀ tán. Ìyókù ni màá máa pè é. Ẹ ṣe àṣìṣe méjì níbí, méjèèjì ló sì ń mú kí ìyókù náà dà bí ohun tó pọ̀ ju bó ṣe rí lọ.

Èyí tó tóbi jù ni ti ìwọ̀n. Ẹ fi kílò 2.3 ṣe ìlọ́po 5,500 náírà tí ẹ fẹ́ máa ta kílò kan, ẹ sì rí 12,650. Àmọ́ 2.3 ni ìwọ̀n adìyẹ tó ṣì ń rìn. Tí ẹ bá ti da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nù, tí ẹ tú ìyẹ́, tí ẹ kó ìfun, tí ẹ gé orí àti ẹsẹ̀, ohun tó kù fún òṣùwọ̀n máa ń jẹ́ nǹkan bí 70 sí 75 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo lo 72, mo sì fi sí kílò 1.65. Iye tí adìyẹ kan máa mú wọlé wá jẹ́ 9,075 náírà. Ẹ lè ta ẹsẹ̀, orí àti gísáàdì lọ́tọ̀, owó kékeré sì máa wọlé níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé e wọ inú ìṣirò títí ẹ ó fi rí ẹni tó ń rà á déédéé.

Èkejì ni ti àwọn tó máa kú. Ẹ pín ìnáwó sí 100, àmọ́ ẹ kò ní rí 100 pa. Nínú ọ̀wọ́ tí a tọ́jú dáadáa, tí a fún ní àjẹsára Gọ́mbórò àti Lasótà lásìkò, márùn-ún sí mẹ́wàá lè lọ nínú 100. Mo fi sí mẹ́jọ. Owó ọmọ adìyẹ mẹ́jọ yẹn àti oúnjẹ tí wọ́n ti jẹ kó tó di pé wọ́n kú, orí àwọn 92 tó kù ló máa já sí. Ọmọ adìyẹ 100 ní 1,200 náírà jẹ́ 120,000. Oúnjẹ jẹ́ nǹkan bíi kílò mẹ́rin àbọ̀ fún èyí tó bá dàgbà tán, àti díẹ̀ fún èyí tó kú. Àpò ọlọ́kílò 25 mẹ́tàdínlógún ló máa gbé e, ní 22,000 náírà àpò kan: 374,000. Àjẹsára àti oògùn jẹ́ 20,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 514,000. Ẹ pín in sí 92, ó jẹ́ nǹkan bí 5,590 lórí adìyẹ kan. Pípa, títú àti ọ̀rá jẹ́ 500. Gbogbo owó tó bá adìyẹ kan rìn wá jẹ́ 6,090.

Ẹ yọ 6,090 kúrò nínú 9,075, ìyókù jẹ́ 2,985 náírà. Owó yìí ni adìyẹ kọ̀ọ̀kan fi ń bá yín san owó ìdúró. Tí ẹ bá pín 140,000 sí 2,985, ó lé díẹ̀ ní 46 àbọ̀. A ò lè ta ààbọ̀ adìyẹ, torí náà 47 ni.

Ẹ wo ohun tí 47 yẹn sọ dáadáa. Ó sọ pé tí ọ̀wọ́ kan bá mú 47 dé orí òṣùwọ̀n, tí ẹ sì ta gbogbo wọn tán, ẹ kò jèrè, ẹ kò sì pàdánù. Nǹkan bí ọmọ adìyẹ 51 lẹ máa rà kí ẹ tó rí 47 pa. Páálí kan tí wọ́n ń kó ọmọ adìyẹ sí máa ń jẹ́ 50, ẹ ó sì rí 46 nínú rẹ̀. Páálí kan kò tó láti gbé fíríìsà àti jẹnẹrétọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Páálí méjì gbé e. Ìmọ̀ràn lórí iye tí ẹ máa rà ni 47, ọjọ́ tí ẹ bá ń béèrè fún ọmọ adìyẹ ni ẹ sì nílò rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, iṣẹ́ rẹ̀ ti parí. Nígbà tí ọ̀wọ́ 100 bá ti pé ọ̀sẹ̀ méje, àwọn 92 ló ti jẹun, kì í ṣe 47. Owó oúnjẹ tí a ní ó ń bá adìyẹ rìn ti rìn tán, kò sì ní padà nítorí pé oníbàárà kò wá. Ní ọjọ́ tí ẹ bá pa wọ́n tán tí ẹ sì kó wọn sínú fíríìsà, owó tó ti jáde lápò yín tàbí tó ti di gbèsè lọ́rùn ọ̀wọ́ náà ni 514,000, pẹ̀lú 46,000 fún pípa àwọn 92, pẹ̀lú 140,000 owó ìdúró: 700,000 náírà géérégé. Pín in sí 9,075, ó jẹ́ 77 àti díẹ̀. Adìyẹ 78 ni ẹ gbọ́dọ̀ tà. Láti ìkọkàndínlọ́gọ́rin títí dé ìkejìléláàádọ́rùn-ún ni èrè wà. Ó yé yín báyìí pé adìyẹ 14 tó gbẹ̀yìn ló gbé èrè ọ̀wọ́ náà, tó sún mọ́ 135,000. Àwọn 14 yẹn gan-an ló sì máa ń pẹ́ nínú fíríìsà, òun náà ni a máa ń fi tọrẹ, tí a máa ń tà láwìn, tí a máa ń sè nílé nígbà tí àlejò bá dé. Mi ò ní kí ẹ má ṣàlejò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni tó tà á fún ara rẹ̀, kí ìwé lè bá fíríìsà mu.

Láti inú 700,000 yẹn, ẹ lè rí iye tí ẹ kò gbọ́dọ̀ sọ̀kalẹ̀ kọjá. Pín in sí 92, adìyẹ kan jẹ́ nǹkan bí 7,610. Pín ìyẹn sí 1.65, kílò kan jẹ́ nǹkan bí 4,610 náírà. Ilé oúnjẹ tó bá ní òun máa gba ogún lẹ́ẹ̀kan náà ní 5,000 kílò kan, ẹ lè gbà fún un, àmọ́ èrè yín níbẹ̀ ti kéré. Èyí tó bá ní 4,500, tí ẹ bá ta gbogbo ọ̀wọ́ fún un, àdánù ni, bó ti wù kó yá tó. Àwọn kan máa fi adìyẹ dídì tó gba ẹnubodè wọlé lọ́nà ẹ̀bùrú ná tiyín. Ẹ má bá a du iye yẹn. Ẹni tó fẹ́ adìyẹ tí a pa lánàá ni oníbàárà yín.

Ó yẹ kí ẹ mọ ohun tó lè gbé 78 yìí kúrò ní àyè rẹ̀, kì í sì í ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń bẹ̀rù. Ikú ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó kéré ló ń ba ìṣirò jẹ́ jù. Mo ṣe é lọ́nà méjèèjì kí ẹ lè fi wéra. Ká ní ogún ló kú dípò mẹ́jọ. Oúnjẹ á dín kù díẹ̀ torí ẹnu dín, owó tó ń bá adìyẹ rìn á gòkè, ìyókù á bọ́ sí nǹkan bí 2,425, ẹ ó sì ní láti ta 75 nínú 80 kí owó tó jáde. Ó dunni, àmọ́ èrè díẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Wàyí o, ká ní mẹ́jọ péré ló kú, àmọ́ àwọn 92 dé kílò méjì péré dípò 2.3. Ẹran tó dé orí òṣùwọ̀n á jẹ́ kílò 1.44, adìyẹ kan á mú 7,920 wá, ẹ ó sì ní láti ta 89 nínú 92. Ẹni tó wo ilé adìyẹ á sọ pé gbogbo wọn wà láàyè, pé ọwọ́ yín dára. Owó sì ti lọ.

Ohun tó máa ń fa èyí jù ni oúnjẹ olówó pọ́ọ́kú. Ẹ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé yín pé ẹ ti rí ẹni tó ń po oúnjẹ tó fi 2,000 náírà dín lórí àpò kan. Lórí àpò 17, 34,000 náírà lẹ máa rí yọ, ìyẹn nǹkan bí 370 lórí adìyẹ kan. Bí oúnjẹ náà kò bá lágbára tó, tí adìyẹ sì fi 300 gíráàmù kéré, 1,155 náírà lẹ máa pàdánù lórí adìyẹ kan náà. Oúnjẹ tí a pò nílé lè dára o, mo mọ àwọn tó ń pò ó dáadáa. Òṣùwọ̀n ni kó jẹ́rìí sí i, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà á. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n tó jẹun láàárọ̀, ẹ mú mẹ́wàá láti oríṣiríṣi apá ilé, ẹ má ṣa àwọn tó tóbi, ẹ wọ̀n wọ́n, kí ẹ sì kọ ìpíndọ́gba wọn sílẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá pé tí ìpíndọ́gba kò tíì tó kílò kan, ó kéré tán, ọ̀sẹ̀ méje kò ní fún yín ní 2.3. Ẹ ṣì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta láti pààrọ̀ oúnjẹ, láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi tó wọn, bóyá ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ ló ń bá wọn jà, tàbí bóyá ooru ni kò jẹ́ kí wọ́n jẹun. Nínú ooru oṣù Kẹta, ẹ fún wọn lóúnjẹ ní ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, torí adìyẹ tó ń mí hẹlẹ́hẹlẹ́ lọ́sàn-án kì í jẹun.

Ohun kejì tó ń gbé 78 kúrò láyè ni ọjọ́. Epo jẹnẹrétọ̀ kò mọ iye adìyẹ tó wà nínú fíríìsà, ọjọ́ ló ń kà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tí a ṣírò fún un túmọ̀ sí pé ẹ ó máa ta 23 lọ́sẹ̀. Tó bá jẹ́ 12 lẹ ń tà lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ló máa gbà, epo á fi 42,000 lé sí i, ẹ ó sì ní láti ta 82. Èyí tó tún burú jù ni pé ọ̀wọ́ tuntun á ti máa sún mọ́ pípa nígbà tí ẹran àkọ́kọ́ ṣì kún fíríìsà. Ẹ má ṣe pa gbogbo 92 lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú fíríìsà kan. Ó lé ní àádọ́jọ kílò ẹran, ooru ara wọn á sì mú kí èyí tó wà láàárín pẹ́ kó tó dì, ibẹ̀ ni òórùn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ pa wọ́n lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ki wọ́n sínú omi tútù kí ooru jáde lára wọn kí ẹ tó dì wọ́n sí ọ̀rá.

Àwìn ńkọ́? Adìyẹ tí ilé oúnjẹ gbé lọ tí kò tíì san kò sí lára 78. Ìgbà tí owó bá dé ni kí ẹ kà á. 514,000 míì ni ọ̀wọ́ tó ń bọ̀ máa béèrè kó tó bí náírà kan, bí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún bá sì wà lọ́wọ́ àwọn onílé oúnjẹ, èrè yín ló wà lọ́wọ́ wọn, gbogbo rẹ̀.

Ọ̀wọ́ Kérésìmesì, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀ lọ́tọ̀. Àwọn ará ilé tó ń ti Èkó àti Àbújá bọ̀ máa rà á láàyè, ní owó tó ga, kò sì ní dé fíríìsà. Ọmọ adìyẹ tó bá wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ló máa pé ọ̀sẹ̀ méje lásìkò. Ẹ má ṣe fi iye tí ẹ bá tà nígbà yẹn díwọ̀n oṣù Kejì.

Ní ti owó fíríìsà àti irinṣẹ́ fúnra wọn, 510,000 tí ẹ máa kó sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, èrè 135,000 pẹ̀lú 28,000 tí a yà sọ́tọ̀ fún gbígbó wọn ń dá 163,000 padà ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Inú ọ̀wọ́ kẹrin ni yóò padà tán, bí gbogbo nǹkan bá rí bí a ṣe ṣírò rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà yín níyànjú láti ra fíríìsà báyìí.

Ohun tí màá ṣe tó bá jẹ́ èmi ni pé màá fi páálí kan bẹ̀rẹ̀, láìra fíríìsà. Ẹ ti ní àwọn tó ń ra ẹyin lọ́wọ́ yín. Nígbà tí ọmọ adìyẹ bá pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ta ló fẹ́ adìyẹ tí a pa, tí a tú, ní ọjọ́ Jímọ̀ wo, kí wọ́n sì san díẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ní ìsìnkú tàbí ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ pa iye tí wọ́n bá béèrè fún, kó gba ọwọ́ yín lọ sọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ náà. Owó ìdúró á já sí 80,000 nítorí pé kò sí fíríìsà, kò sí epo. Ní ìyókù 2,985, adìyẹ 27 ló ń gbé e, 46 sì ni ẹ ní. Tí ẹ bá sin àwọn 46 náà, owó yín á ti jáde tí ẹ bá ta 40.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ ní ìwé kan tí ẹ máa kọ àwọn tó wá béèrè tí ẹ kò sì ní ẹran lọ́wọ́ sí. Fíríìsà pẹ̀lú epo rẹ̀ ń ná ọ̀wọ́ kan ní 60,000, pín in sí 2,985, adìyẹ 21 ni. Ọjọ́ tí ìwé yẹn bá fi hàn pé nínú ọ̀wọ́ kan, ẹ dá àwọn tó máa ra 21 tàbí jù bẹ́ẹ̀ padà lọ́wọ́ òfo, ọjọ́ náà ni kí ẹ lọ ra fíríìsà.